Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Agbanisíṣẹ́ Òṣogbo: Àsìkò Iṣẹ́ Nìkan Lẹ Sanwó Fún

Ẹ̀yin ọ̀gá wa tí ẹ ń gba ènìyàn síṣẹ́ ní Òṣogbo, láti Ìgbóǹnà dé Ògo-Olúwa, láti Òkè-Fìà dé Gbodofọ̀n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú àmójútó. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà àti fóònù lèmi ń ṣe láàárín yín. Èmi àti irú mi lẹ máa ń pè láti to ímeèlì ilé-iṣẹ́, láti so fóònù òṣìṣẹ́ mọ́ ètò ilé-iṣẹ́, àti láti wá tún un ṣe nígbà tó bá dàrú. Iṣẹ́ yìí ló jẹ́ kí n máa rí ohun tí ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ kì í jọ jókòó sọ, ìyẹn bí ohun tí ọ̀gá lè rí lórí fóònù ẹni tó ń bá a ṣiṣẹ́ ṣe pọ̀ tó, àti bí ẹni tó ni fóònù kì í ṣe mọ̀ nípa rẹ̀. Ọ̀rọ̀ áàpù tó ń tọpa òṣìṣẹ́ káàkiri ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé yìí. N ó fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ ímeèlì lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ti áàpù yìí ló le jù, nítorí pé ó ń bá ènìyàn délé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ nílùú yìí. Mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà, mi ò sì ní dárúkọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń kó oògùn fún àwọn oníkẹ́míìsì gba obìnrin kan síṣẹ́ kó máa bá wọn ta ọjà kiri. Yóò dé ọ̀dọ̀ àwọn oníkẹ́míìsì ní Òṣogbo, ní Ìkìrun, ní Ìlobùú àti ní Ẹdẹ, yóò kọ ohun tí wọ́n fẹ́ rà sílẹ̀, yóò sì gba owó èyí tí wọ́n ti tà. Aago 8 àárọ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀, aago 4 ìrọ̀lẹ́ ló ń parí, láti ọjọ́ Ajé títí dé Sátidé. Fóònù tó fowó ara rẹ̀ rà ló ń lò. Ilé-iṣẹ́ ń fún un lówó káàdì.

Nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ tí wọ́n fún un, ìlà kan wà nínú àwọn ojú ìwé ẹ̀yìn tó ní òṣìṣẹ́ gbà kí ilé-iṣẹ́ máa mójú tó gbogbo ẹ̀rọ tí ó bá ń lò fún iṣẹ́. Ó buwọ́ lu ojú ìwé tó kẹ́yìn, bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe nígbà tí iṣẹ́ bá ti pẹ́ kó tó dé. Nígbà tó wọṣẹ́, wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́fíìsì, wọ́n fi áàpù kan sí i, wọ́n dá a padà fún un. Wọ́n ní áàpù tí yóò fi máa kọ ọjà sílẹ̀ ni, òótọ́ sì ni, ó ń fi kọ ọjà sílẹ̀.

Nígbà tó yá, ọ̀gá pè é ní ọjọ́ Ajé kan. Ó bi í léèrè pé kí ló ń wá kiri ilé ìwòsàn ní Asubíaró lọ́jọ́ Àìkú, tó jẹ́ pé ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú náà ibẹ̀ ló wà. Ó ní bó bá jẹ́ pé ó ti lóyún ni, kó tètè sọ, kí ilé-iṣẹ́ lè wá ẹlòmíràn sí ipò rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló gbé lọ síbẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ká ní òun gan-an ló lóyún, ìbéèrè yẹn kò tọ́ síbẹ̀. Obìnrin náà délé, ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ ọ́, wọ́n yẹ fóònù wò, wọ́n sì yọ àṣẹ tí áàpù náà fi ń mọ ibi tó wà. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí kúẹ́rì fi tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, pé ó ti da àdéhùn tó buwọ́ lù.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti pè mí. Wọ́n ní kí n wá tún áàpù náà tò lọ́nà tí òṣìṣẹ́ kankan kò fi ní lè pa á mọ́. Mo ṣí ojú ìwé tí ọ̀gá fi ń wo àwọn òṣìṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, ohun tí mo rí níbẹ̀ ló mú kí n sọ fún wọn pé n kò ní ṣe é, tí mo sì sọ ìdí rẹ̀ fún wọn. Ìdí yẹn náà ni mo fẹ́ sọ fún gbogbo yín.

Wọ́n ti to áàpù yìí kó máa kọ ibi tí fóònù wà sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú 5, ìṣẹ́jú 5. Ìyẹn já sí ẹ̀ẹ̀mejìlá ní wákàtí kan, ìgbà 288 ní ojúmọ́ kan, ìgbà 2,016 láàárín ọ̀sẹ̀. Wákàtí 8 lóòjọ́, ọjọ́ 6 lọ́sẹ̀, obìnrin yìí ń fún ilé-iṣẹ́ ní wákàtí 48, tí ó jẹ́ 576 nínú àkọsílẹ̀ yẹn. Ìyókù, 1,440, kò kan iṣẹ́ rárá. Bí a bá pín àkọsílẹ̀ náà sí ọ̀nà mẹ́wàá, méje nínú rẹ̀ jẹ́ ti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò sanwó fún. Ó wà níbẹ̀ lórí máàpù, ilé tó sùn ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ilé ìjọsìn tó lọ, ilé ìwòsàn, ilé ẹbí, ọjà Orísunbáre, gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú aago tó dé àti aago tó kúrò. Àwọn tó sì lè wò ó kì í ṣe ọ̀gá nìkan. Páásíwọ̀ọ̀dù kan ṣoṣo ni gbogbo ọ́fíìsì ń lò, wọ́n kọ ọ́ sára ìwé, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà. Ẹnikẹ́ni tó bá wọ ọ́fíìsì náà lè mọ ilé tí obìnrin yìí ń sùn.

Ẹ má ṣe rò pé áàpù ló ṣèèṣì ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí Android 10 ti jáde ní 2019, fóònù máa ń bi ẹni tó ni ín bóyá kí áàpù máa mọ ibi tó wà nígbà tó bá ń lo áàpù náà nìkan, tàbí nígbà gbogbo. Nígbà tí Android 11 dé ní 2020, wọ́n tún mú un le sí i. Áàpù kò lè fi ìbéèrè "nígbà gbogbo" yẹn lọ ènìyàn lójú ẹsẹ̀ mọ́. Ẹnìkan ló gbọ́dọ̀ wọ inú Settings fúnra rẹ̀, kó wá áàpù náà kàn, kó tẹ ìlà tí wọ́n kọ "Allow all the time" sí. Nítorí náà, lórí fóònù tuntun èyíkéyìí tó bá ń tọpa òṣìṣẹ́ dé orí ibùsùn, ọwọ́ ènìyàn kan ló tẹ̀ ẹ́. Lórí fóònù obìnrin yìí, ẹni tó gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́fíìsì ló tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe òun.

Ẹ̀yin ọ̀gá, mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ ó ní ó ṣáà buwọ́ lùwé. Ọ̀rọ̀ ìbuwọ́lùwé yìí ni mo fẹ́ ká fara balẹ̀ yẹ̀ wò.

Òfin Ìdáàbòbò Ìwífún ti Nàìjíríà, èyí tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lù ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ka ibi tí ènìyàn wà mọ́ ìwífún nípa ẹni. Òfin náà ní bí ó bá jẹ́ ìyọ̀ǹda ẹni lẹ fẹ́ gbára lé, ìyọ̀ǹda náà gbọ́dọ̀ ti inú ọkàn ẹni wá láìsí ipá, kó jẹ́ lórí ohun kan pàtó, kí ẹni náà sì ti mọ ohun tó ń gbà. Apá 26 sọ ọ́ yanjú pé ẹni tó ń gba ìwífún ló gbọ́dọ̀ fi hàn pé òótọ́ ni wọ́n yọ̀ǹda fún òun. Kì í ṣe òṣìṣẹ́ ló máa fi hàn pé òun kò gbà. Ó ní dídákẹ́ kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Ó tún ní bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ènìyàn yọ̀ǹda látọkàn wá, ká wò ó bóyá wọ́n so àdéhùn kan mọ́ gbígba ìwífún tí àdéhùn náà kò nílò. Apá 35 wá fi kún un pé ẹni tó yọ̀ǹda lè gba ìyọ̀ǹda rẹ̀ padà, kí gbígbà á padà sì rọrùn bí fífún un ṣe rọrùn.

Ẹ wá gbé ọ̀rọ̀ obìnrin wa yìí ka orí rẹ̀. Ìlà kan tó ní "gbogbo ẹ̀rọ" kì í ṣe ohun kan pàtó. Kò dárúkọ ibi tí ènìyàn wà, kò sọ ìṣẹ́jú 5, kò sọ ọjọ́ Àìkú, kò sọ ẹni tí yóò máa wò ó. Wọ́n sì so ó mọ́ iṣẹ́ fúnra rẹ̀: buwọ́ lù ú, tàbí kí o máa lọ. Ta ni nínú wa tó ní iyàwó, tó ní ọmọ, tó ní owó ilé láti san, tó máa ní òun kò buwọ́ lùwé ìgbanisíṣẹ́ nítorí ìlà kan lẹ́yìn ìwé? Nígbà tó sì gba àṣẹ náà padà lórí fóònù ara rẹ̀, kúẹ́rì ni wọ́n fi dá a lóhùn. Ìyọ̀ǹda tó jẹ́ pé kúẹ́rì ló wà lẹ́yìn gbígbà á padà, ìyọ̀ǹda wo nìyẹn? Nítorí bí agbára ọ̀gá àti ti òṣìṣẹ́ kò ṣe dọ́gba yìí ni àwọn tó ń mójú tó irú òfin yìí ní Yúróòpù ti sọ láti ọjọ́ pípẹ́ pé ó ṣọ̀wọ́n kí ìyọ̀ǹda òṣìṣẹ́ tó ohun tí ọ̀gá lè fẹ̀yìn tì. Kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ gba ọ̀rọ̀ wọn nítorí pé wọ́n jẹ́ òyìnbó o. Òfin tiwa náà ń bèèrè ohun kan náà.

Bí ìyọ̀ǹda kò bá dúró, kí ló kù fún yín? Ó kù, ó sì pọ̀ tó. Apá 25 fàyè gba kí ènìyàn lo ìwífún ẹlòmíràn bí àdéhùn àárín wọn bá nílò rẹ̀, tàbí bí òun fúnra rẹ̀ bá ní ìdí tó tọ́ láti lò ó. Ẹni tó kó oògùn olówó ńlá lé òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ ní ìdí tó tọ́ láti mọ̀ bóyá ó dé ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì tó ní òun dé. Ẹni tó ni ọkọ̀ ní ìdí tó tọ́ láti mọ ibi tí ọkọ̀ rẹ̀ wà, pàápàá lójú ọ̀nà Òṣogbo sí Iléṣà lálẹ́. Mi ò bá yín jiyàn lórí èyí rárá. Ṣùgbọ́n Apá 25 kan náà ní ìdí yín kò gbọ́dọ̀ borí ẹ̀tọ́ ẹni náà, kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ẹni náà kò lè retí pé wọ́n máa fi ìwífún òun ṣe. Ẹni tó ń ta ọjà kiri lè retí pé wọ́n máa bi òun léèrè kẹ́míìsì tóun dé. Kò lè retí pé wọ́n máa bi òun léèrè ilé ìwòsàn tóun lọ lọ́jọ́ Àìkú.

Ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn yẹn tún kọjá bẹ́ẹ̀. Apá 30 ya àwọn ìwífún kan sọ́tọ̀ tí ó fi okùn tó le jù mú: ìlera ènìyàn, ẹ̀sìn rẹ̀, ìṣèlú tó ń ṣe, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó wà. Kò sí ìkankan nínú àwọn wọ̀nyí tí áàpù yẹn bi obìnrin náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí ibi tí fóònù wà láago 2 ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì àti láago 10 àárọ̀ ọjọ́ Àìkú mọ ẹ̀sìn ẹni tó ni ín. Ẹni tó bá rí i ní ilé ìwòsàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro ìlera rẹ̀. Bí àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́fà bá sì wà ní ilé kan náà nírọ̀lẹ́ ọjọ́rú, ọ̀gá ti mọ àwọn tó ń ṣe ìpàdé ẹgbẹ́.

Ìwọ̀fà àtijọ́ gan-an, tó fara rẹ̀ sọ́fà nítorí owó, kì í fi gbogbo ọjọ́ sin olówó. Yóò ṣe apá tirẹ̀ lóko olówó, bó bá sì parí rẹ̀, yóò gba oko ara rẹ̀ lọ, olówó kì í ránṣẹ́ tẹ̀lé e. Ẹni tó ń gba owó oṣù kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè, ó sì yẹ kí ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀ ju ti ìwọ̀fà lọ.

Kí ẹ má baà rò pé gbogbo ẹjọ́ ló ń dá òṣìṣẹ́ láre, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan tí agbanisíṣẹ́ jàre, nítorí pé ó kọ́ni ju èyí tó jẹ̀bi lọ. Ní Pọ́túgà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Gramaxo ń bá ilé-iṣẹ́ oògùn kan ta ọjà kiri, bí obìnrin wa yìí gẹ́lẹ́. Ilé-iṣẹ́ fún un ní ọkọ̀, ó sì lè fi ọkọ̀ náà rin ìrìn ara rẹ̀, bó bá ṣáà ti san owó ibi tó rìn. Ní 2011 wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀ sínú ọkọ̀ náà, wọ́n sì sọ fún un. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé ó ń ka ìrìn ara rẹ̀ mọ́ ìrìn iṣẹ́, ó sì tún ń dí ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ kó má baà ríran. Wọ́n lé e. Ẹjọ́ náà dé Ilé Ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Yúróòpù, wọ́n sì dá a ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá ọdún 2022. Adájọ́ 4 ní Pọ́túgà kò tẹ ẹ̀tọ́ ọkùnrin náà lójú, adájọ́ 3 ní ó tẹ̀ ẹ́ lójú.

Ẹ wo ohun tó gba ilé-iṣẹ́ náà là. Ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ ni, kì í ṣe fóònù ẹni. Wọ́n ti sọ fún un ṣáájú, ó sì mọ̀ pé wọ́n lè fìyà jẹ òun lórí rẹ̀. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Pọ́túgà ti kọ́kọ́ gé àkọsílẹ̀ náà kù. Ó ní iye kìlómítà tí ọkọ̀ rìn nìkan lòun yóò wò, nítorí òun ni wọ́n nílò láti mọ owó ìrìnnà. Ibi tó lọ, wọn kò wò ó. Pẹ̀lú gbogbo ìṣọ́ra yìí, adájọ́ kan ṣoṣo ló fi jàre. Ẹ wá bi ara yín léèrè ibi tí àkọsílẹ̀ 1,440 lọ́sẹ̀, lórí fóònù tí òṣìṣẹ́ fowó ara rẹ̀ rà, yóò já sí níwájú irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹjọ́ Yúróòpù kò de adájọ́ tiwa, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Apá 37 nínú Òfin Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ Nàìjíríà, ilé rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tó bá sọ lórí fóònù, kò sì sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ẹni tó ń gbowó oṣù kò sí níbẹ̀.

Lórí ímeèlì, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Àpótí ímeèlì tó ní orúkọ ilé-iṣẹ́ yín lára jẹ́ tiyín, ẹ sì lè wọ̀ ọ́ bí oníbàárà bá ń dúró de èsì tí òṣìṣẹ́ wà lórí ìsinmi, tàbí bí owó bá sọnù. Ohun tí ẹ kò lè ṣe ni kí ẹ máa kà á wuuru láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹjọ́ Bărbulescu ló la ọ̀nà yìí. Ilé-iṣẹ́ kan ní Ròmáníà ní kí òṣìṣẹ́ wọn ṣí Yahoo Messenger láti máa dá oníbàárà lóhùn, wọ́n wá ń ka ohun tó ń kọ sórí rẹ̀, títí kan èyí tó kọ sí arákùnrin rẹ̀ àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀, wọ́n sì lé e ní 2007. Ilé-iṣẹ́ ní òfin tó ní kí òṣìṣẹ́ má fi ẹ̀rọ iṣẹ́ ṣe ti ara rẹ̀. Síbẹ̀, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, adájọ́ 11 nínú 17 ní kò tó. Wọ́n ní kíkà á léèwọ̀ yàtọ̀ sí sísọ fún ènìyàn ṣáájú pé a ó máa ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ìwọ̀n tí a ó kà á dé, àti ìdí rẹ̀. Púpọ̀ nínú yín ló ní irú òfin "má ṣe é" yìí nínú ìwé òṣìṣẹ́. Ẹ má fẹ̀yìn tì í.

Mo padà sórí áàpù, torí nǹkan kan wà tí àwọn tó ń tà á fún yín kì í sọ. Ó máa ń purọ́. Lójú gbangba, sátẹ́láìtì lè mọ ibi tí fóònù wà dé ìwọ̀n mítà díẹ̀. Bí ènìyàn bá wọ inú ilé alájà, tàbí bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì nìkan ló kù tí fóònù fi ń méfò, àṣìṣe náà lè tó ọgọ́rùn-ún mítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín Ọláìyá sí Orísunbáre, ọgọ́rùn-ún mítà ti tó láti gbé ènìyàn kúrò nínú kẹ́míìsì sínú ilé ọtí. Àkọsílẹ̀ tó dára máa ń ní òǹkà tó ń sọ bí àṣìṣe náà ṣe lè tó. Bí ti yín kò bá fi í hàn, ẹ má ṣe fi àmì kan ṣoṣo lórí máàpù bá ẹnikẹ́ni wí.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ bátìrì. Ọ̀pọ̀ fóònù tí a ń rà ní ọjà wa máa ń pa áàpù tó bá ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ láti fi tọ́jú bátìrì. Lójú ọ̀gá, yóò dà bíi pé òṣìṣẹ́ ló pa á. Bí ẹ ṣe lè mọ̀ ọ́n rèé: bí ìlà tó tọ́ gbọnrangandan bá sáré láti Òṣogbo dé Ìkìrun lórí máàpù, tí kò tẹ̀lé ojú títì, ó ṣeé ṣe kí áàpù ti kú láàárín, kó sì jí nígbà tó débẹ̀. Bí ẹnìkan bá mọ̀ọ́mọ̀ yọ àṣẹ, tí kò sì dá a padà, dídákẹ́ ni yóò dákẹ́. Mo mọ àwọn tí wọ́n ti gé lówó nítorí ìlà gbọnrangandan.

Kí wá ni mo ń bẹ̀ yín sí? Ẹ kọ́kọ́ bèèrè ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ gan-an. Ilé-iṣẹ́ oògùn yẹn fẹ́ mọ̀ bóyá obìnrin náà dé ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì 14 tó yẹ kó dé lóòjọ́. Bí áàpù bá kọ ibi tó wà sílẹ̀ nígbà tó bá tẹ bọ́tìnì pé òun ti dé, àkọsílẹ̀ 14 ló máa wà níbẹ̀ lóòjọ́ dípò 288, ó sì ti dáhùn gbogbo ìbéèrè wọn. "Allow only while using the app" ti tó fún èyí. Kò tún jẹ bátìrì, ìlà gbọnrangandan sì parí.

Bí ẹ bá lágbára rẹ̀, ẹ ra fóònù iṣẹ́ fún wọn, kí wọ́n máa fi í sílẹ̀ ní ọ́fíìsì tàbí kí wọ́n pa á ní aago 4. Bí ẹ kò bá lágbára rẹ̀, Android ní ohun tí wọ́n ń pè ní Work profile, tó ń ya áàpù iṣẹ́ sọ́tọ̀ lórí fóònù ẹni. Ilé-iṣẹ́ kò ní rí fọ́tò àti àtẹ̀jíṣẹ́ tó wà lápá kejì. Bí iṣẹ́ bá parí, òṣìṣẹ́ á dá áàpù iṣẹ́ dúró, wọn kò sì ní lè mọ ibi tó wà mọ́ títí yóò fi ṣí wọn padà. Ó tún gba àwọn òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ ewu mìíràn tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Bí ẹ bá fi áàpù ilé-iṣẹ́ sórí fóònù ẹni gẹ́gẹ́ bí alákòóso gbogbo fóònù, ẹni tó bá ń darí rẹ̀ lè pa gbogbo ohun tó wà lórí fóònù náà rẹ́ lọ́jọ́ tí òṣìṣẹ́ bá kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, àtàwòrán ọmọ, àtohùn òbí tó ti kú. Pẹ̀lú Work profile, apá iṣẹ́ nìkan ló máa lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìwé ọ̀tọ̀, lédè tí òṣìṣẹ́ yín gbọ́. Lára ohun tí Apá 27 ní kí ẹ sọ ni ìdí tí ẹ fi ń gba ìwífún, ẹni tí yóò rí i àti ìgbà tí ẹ ó pa á rẹ́. Apá tó kan ibi tí òṣìṣẹ́ wà lè rí báyìí:

"Nígbà tí o bá tẹ bọ́tìnì pé o ti dé ọ̀dọ̀ oníbàárà, áàpù yóò kọ ibi tí o wà sílẹ̀. Kò ní kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà mìíràn. Láti mọ̀ pé a ti bẹ oníbàárà wò nìkan la fi ń ṣe é. Ọ̀gá títa ọjà nìkan ló lè wò ó. A ó pa á rẹ́ lẹ́yìn oṣù 2. Bí o bá rò pé ó ṣì ọ́ kọ, sọ fún wa, a ó sì gbọ́ tẹnu rẹ kí a tó ṣe ohunkóhun. Bí áàpù bá dá wàhálà sílẹ̀ lórí fóònù rẹ, o lè lo ìwé àkọsílẹ̀ tí oníbàárà yóò máa buwọ́ lù. A kò ní fìyà jẹ ọ́ nítorí rẹ̀."

Gbólóhùn méjì tó kẹ́yìn yẹn ló fún òṣìṣẹ́ ní ọ̀nà mìíràn. Ẹ má yọ wọ́n kúrò.

Bí ẹ bá sì rò pé iṣẹ́ yín nílò kí ẹ máa tọpa ènìyàn láìdáwọ́dúró, bí ẹ̀ṣọ́ tó ń bá owó rìn, Apá 28 ní kí ẹ kọ́kọ́ jókòó ṣàyẹ̀wò ewu tó lè bá a, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú yín tí mo bá pàdé kò tíì gbọ́ ọ rí. Ohun tí ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Òṣìṣẹ́ lè fẹjọ́ sun Àjọ Ìdáàbòbò Ìwífún ti Nàìjíríà láìgba lọ́yà, ó sì lè gba ilé ẹjọ́ lọ. Owó ìtanràn lè dé mílíọ̀nù 10 náírà tàbí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé lọ́dún, èyí tó bá pọ̀ jù, fún àwọn ilé-iṣẹ́ tí òfin kà sí pàtàkì. Fún àwọn yòókù, mílíọ̀nù 2 náírà tàbí ìdá 2 yẹn ni.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ tí ẹ bá ń ka lẹ́tà yìí lẹ́yìn ọ̀gá yín, ẹ wọ Settings, ẹ wá Location, lẹ́yìn náà App permissions. Àwọn áàpù tó wà lábẹ́ "Allowed all the time" ni kí ẹ yẹ̀ wò. Ẹ tún wá "Device admin apps" kàn. Bí ẹ bá rí ti ilé-iṣẹ́ níbẹ̀, ẹ má ṣe yọ ọ́ kíákíá kí ó má baà di kúẹ́rì. Ẹ ya àwòrán ojú fóònù náà, kí ẹ kọ̀wé tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ sí ilé-iṣẹ́, kí ẹ ní Apá 34 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti rí gbogbo ohun tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ nípa yín. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà ìwé náà.

Ilé-iṣẹ́ tí mo sọ ìtàn rẹ̀ ti gba kúẹ́rì náà padà, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ àtẹ̀yìnwá ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà wọn, páásíwọ̀ọ̀dù ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n níhìn-ín kí wọ́n pa gbogbo èyí tó jẹ́ ti lẹ́yìn aago 4 àti ti ọjọ́ Àìkú rẹ́, kí wọ́n sì kọ̀wé fún obìnrin náà pé àwọn ti ṣe é. Ilé-iṣẹ́ èyíkéyìí ní Òṣogbo tó bá fẹ́ yí ètò tirẹ̀ padà láti ìṣẹ́jú 5 sí bọ́tìnì, èmi yóò wá bá wọn tò ó láìgba kọ́bọ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ẹni tó ń bá yín tún kọ̀ǹpútà ṣe,
Òṣogbo.